Bàbà Gbígbóná àti Alumíníọ̀mù Tútù: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ìwọ̀n Ìgbóná Tí Wọn Yóò Jọ Dé

Ìbéèrè kan ni a gbé kalẹ̀ fún ìjíròrò ti òní. Búlọ́ọ̀kù bàbà kan wà tí ó wúwo tó gíráàmù 1000. A ti tì í bọ omi gbígbóná títí ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ fi di dígírì 90 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́sì. Búlọ́ọ̀kù alumíníọ̀mù kan náà wà lórí tábìlì tí ó wúwo tó gíráàmù 500, tí ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ kò ju ti afẹ́fẹ́ inú yàrá lọ, èyí tí í ṣe dígírì 28. A gbé bàbà náà lé orí alumíníọ̀mù, a sì dúró. Bàbà ń tutù, alumíníọ̀mù ń gbóná, títí àwọn méjèèjì fi dọ́gba. Dígírì mélòó ni wọn yóò ti pàdé?

Bí a bá bi kíláàsì kan ní ìbéèrè yìí láìjẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ìwé, ìdáhùn méjì ni ó sábà máa ń jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò ní kí a ro 90 àti 28 pọ̀, kí a sì pín in sí méjì. Èyí yóò fún un ní 59. Akẹ́kọ̀ọ́ kejì yóò wò ó pé bàbà wúwo ní ìlọ́po méjì, nítorí náà ọ̀rọ̀ bàbà gbọ́dọ̀ rinlẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Yóò wá ka 90 lẹ́ẹ̀mejì, yóò ka 28 lẹ́ẹ̀kan, yóò pín àròpọ̀ wọn sí mẹ́ta, yóò sì rí dígírì 69 àti díẹ̀. Ìdáhùn kejì yìí dà bí ẹni pé ó gbọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ó jìnnà sí òtítọ́ jù. Ibi tí àwọn búlọ́ọ̀kù méjèèjì yóò ti pàdé kò tó dígírì 57. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbà wúwo ní ìlọ́po méjì, ọ̀dọ̀ alumíníọ̀mù ni ọ̀rọ̀ tẹ̀ sí. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ òní.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ ni ooru àti ìwọ̀n ìgbóná. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, a máa ń lo ọ̀kan dípò èkejì, kò sì sí ẹni tí ó ń ṣìnà nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ ṣírò, wọn kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ jẹ́ kí a fi àgbá omi méjì ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, èkejì fẹ̀. Páìpù kan so ìdí wọn pọ̀, ẹnu páìpù náà sì wà ní títì. A bu omi sí àgbá tẹ́ẹ́rẹ́ títí ó fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 90. A bu omi sí èyí tí ó fẹ̀ títí ó fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 28. Nígbà tí a bá ṣí páìpù, omi yóò ṣàn láti inú èyí tí omi rẹ̀ ga lọ sínú èyí tí omi rẹ̀ kò ga, kì í ṣe láti inú èyí tí omi rẹ̀ pọ̀ lọ sínú èyí tí omi rẹ̀ kéré. Yóò máa ṣàn títí gíga omi yóò fi dọ́gba nínú méjèèjì, yóò sì dúró. Gíga omi ni ìwọ̀n ìgbóná. Omi fúnra rẹ̀ ni ooru. Fífẹ̀ àgbá ni ohun tí a ó máa pè ní àyè ooru nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àyè ooru búlọ́ọ̀kù kan ni iye ooru tí ó gbọ́dọ̀ wọlé sínú rẹ̀ kí ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ tó lè fi dígírì kan ga sí i.

Joseph Black, tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Sìkọ́tíláǹdì, ni ó la ọ̀nà yìí fún àwọn onímọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1760. Nígbà ayé rẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé bí ohun kan bá ṣe wúwo tó ni ooru tí yóò gbà yóò ṣe pọ̀ tó. Black wo àbọ̀ ìdánwò tí wọ́n ti ṣe ṣáájú, níbi tí wọ́n ti da omi àti makúrì pọ̀, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Makúrì wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po mẹ́tàlá àti ààbọ̀ bí wọ́n bá kún inú ife kan náà, síbẹ̀ ooru díẹ̀ ni ó ń mú un gbóná. Ó wá sọ pé ohun kọ̀ọ̀kan ní àyè ooru tirẹ̀, àti pé kò sí bí a ṣe lè fi ojú tàbí òṣùwọ̀n ìwúwo nìkan mọ̀ ọ́n. Àfi kí a wọ̀n ọ́n.

Àwọn tí ó tẹ̀ lé e ti wọ̀n ọ́n. Lónìí, òṣùwọ̀n tí a fi ń ka ooru ni júùlù. Gíráàmù kan ti bàbà ń fẹ́ júùlù 0.385 kí ó tó lè fi dígírì kan gbóná sí i. Gíráàmù kan ti alumíníọ̀mù ń fẹ́ júùlù 0.900. Irin ń fẹ́ nǹkan bí 0.45, òjé ń fẹ́ nǹkan bí 0.13 péré. Omi ju gbogbo wọn lọ. Ó ń fẹ́ júùlù 4.2. Ẹni tí ó bá ní àwọn iye wọ̀nyí lọ́wọ́ kò nílò ohun púpọ̀ mọ́ láti dáhùn ìbéèrè wa.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀. Ìgbésẹ̀ kìíní ni kí a mọ àyè ooru odidi búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan. Ti bàbà ni gíráàmù 1000 ní ìlọ́po 0.385, èyí tí í ṣe júùlù 385 fún dígírì kan. Ti alumíníọ̀mù ni gíráàmù 500 ní ìlọ́po 0.900, èyí tí í ṣe júùlù 450 fún dígírì kan. Níbí ni àṣírí ti tú. Alumíníọ̀mù tí kò wúwo tó bàbà ni àgbá tí ó fẹ̀. Bàbà ni àgbá tẹ́ẹ́rẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì ni òfin tí gbogbo ìṣirò yìí dúró lé: ooru tí ó jáde kúrò nínú bàbà ni ó wọ inú alumíníọ̀mù, kò dín, kò lé. Bí a bá pe ìwọ̀n ìgbóná ìpàdé ní T, bàbà yóò tutù láti 90 dé T, alumíníọ̀mù yóò sì gbóná láti 28 dé T. Nítorí náà:

385 × (90 − T) = 450 × (T − 28)

Ìgbésẹ̀ kẹta ni kí a tú akọmọ́. Apá òsì di 34650 − 385T. Apá ọ̀tún di 450T − 12600. Bí a bá kó gbogbo T sí apá kan, tí a sì kó àwọn iye yòókù sí apá kejì, a ó rí i pé 835T = 47250. T wá di 56.6. Dígírì 56.6 ni àwọn méjèèjì yóò ti pàdé.

Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi gègé sílẹ̀ níbí. Ó yẹ kí a dá ìdáhùn náà padà sínú ìbéèrè láti mọ̀ bóyá ó dúró. Bàbà fi dígírì 33.4 tutù, 33.4 ní ìlọ́po 385 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12,860. Alumíníọ̀mù fi dígírì 28.6 gbóná, 28.6 ní ìlọ́po 450 jẹ́ 12,870. Ìyàtọ̀ kékeré tí ó wà láàárín wọn wá láti ara gígé tí a gé iye lẹ́yìn àmì ìdá mẹ́wàá. Ohun tí ọ̀kan pàdánù ni èkejì jèrè. Bí ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ bá ju 90 lọ, tàbí tí kò bá tó 28, kò yẹ kí a tún máa wá ẹ̀rí kiri. Ó ti fi àmì ìyọkúrò sí ibi tí kò yẹ, nítorí pé omi inú àgbá méjì kò lè ga ju èyí tí ó ga jù níbẹ̀rẹ̀, kò sì lè lọ sílẹ̀ ju èyí tí ó rẹlẹ̀ jù.

Bí a bá kọ òfin yìí sílẹ̀ fún búlọ́ọ̀kù méjì èyíkéyìí, tí a fi lẹ́tà A dúró fún àyè ooru odidi búlọ́ọ̀kù, yóò rí báyìí:

T = (A₁T₁ + A₂T₂) / (A₁ + A₂)

Ẹ ó rí i pé ìdáhùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ìṣáájú wà nínú rẹ̀. Kò sí èyí tí kò ní ilé tirẹ̀ nínú méjèèjì. Ilé onílé ni wọ́n wọ̀. Bí A₁ àti A₂ bá dọ́gba, T yóò di ìdajì àròpọ̀ ìwọ̀n ìgbóná méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ kìíní ti wí. Kí èyí tó lè rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú bàbà gíráàmù 1000, alumíníọ̀mù kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí gíráàmù 428 lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé bàbà àti bàbà ni a gbé ti ara wọn, iye 0.385 yóò wà lókè àti nísàlẹ̀ ìlà, yóò sì pa ara rẹ̀ rẹ́. Ìwúwo nìkan ni yóò kù láti pín, gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ kejì ti ṣe. Àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ kejì ni pé ó fi òfin ìdílé kan ṣe ìdájọ́ láàárín ìdílé méjì.

Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ló dé tí gíráàmù kan alumíníọ̀mù fi ń fẹ́ ooru ju gíráàmù kan bàbà lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ dùn mọ́ni. Ní ọdún 1819, àwọn onímọ̀ ará Faransé méjì, Dulong àti Petit, kíyè sí ohun kan nípa àwọn mẹ́táàlì tí wọ́n ti wọ̀n. Bí wọ́n bá fi ìwúwo átọ̀mù mẹ́táàlì kan sọ iye tí gíráàmù kan rẹ̀ ń fẹ́ di púpọ̀, ohun tí wọ́n ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí a fi tiwa dán an wò. Ìwúwo átọ̀mù bàbà jẹ́ 63.5, ìlọ́po rẹ̀ pẹ̀lú 0.385 jẹ́ 24.4. Ìwúwo átọ̀mù alumíníọ̀mù jẹ́ 27. Ìlọ́po rẹ̀ pẹ̀lú 0.900 jẹ́ 24.3. Ohun tí èyí ń sọ ni pé átọ̀mù kan kò gba ooru ju átọ̀mù kejì lọ, ìbáà ṣe ti bàbà, ìbáà ṣe ti alumíníọ̀mù. Átọ̀mù alumíníọ̀mù fúyẹ́. Nítorí náà ni wọ́n fi pọ̀ nínú gíráàmù kan. Ti bàbà wúwo. Nítorí náà ni wọn kò fi pọ̀.

Èyí fún wa ní ọ̀nà mìíràn láti wo ìbéèrè náà. Ẹ jẹ́ kí a ka bàbà gíráàmù 63.5 sí àpò átọ̀mù kan, kí a sì ka alumíníọ̀mù gíráàmù 27 sí àpò kan, nítorí iye átọ̀mù kan náà ni ó wà nínú méjèèjì. Nígbà náà, búlọ́ọ̀kù bàbà wa ní àpò 15.7, búlọ́ọ̀kù alumíníọ̀mù sì ní àpò 18.5. Bí a bá pín ìwọ̀n ìgbóná ní ìbámu pẹ̀lú iye àpò, a ó ní 15.7 ní ìlọ́po 90, a ó ro ó pọ̀ mọ́ 18.5 ní ìlọ́po 28, a ó sì fi 34.2 pín gbogbo rẹ̀. Dígírì 56.5 ni a ó rí. Ìyẹn ni pé ẹni tí kò tilẹ̀ mọ 0.385 tàbí 0.900, ṣùgbọ́n tí ó mọ ìwúwo átọ̀mù mẹ́táàlì méjèèjì, lè súnmọ́ ìdáhùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó ohun tí tẹmọ́mítà kíláàsì lè fi hàn. Orí ni àwọn átọ̀mù fi ń pín ooru, wọn kì í fi ìwúwo pín in.

Ẹ jẹ́ kí a kúrò lórí pátákó ìkọ̀wé báyìí, kí a lọ sí orí tábìlì ìdánwò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń rò pé ìwé purọ́ fún wọn. Ẹni tí ó bá gbé bàbà lé alumíníọ̀mù, tí ó fi tẹmọ́mítà sínú ihò kékeré tí a lu sí ara búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, lè má rí 56.6 láéláé. Ó lè rí 55, ó lè rí 53. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni ìdáhùn rẹ̀ yóò máa bọ́ sí ní gbogbo ìgbà. Àṣìṣe tí ó bá ń yà sí apá kan ṣoṣo kì í ṣe àṣìṣe ojú tàbí ti ọwọ́ tí ń gbọ̀n. Ó ní ohun tí ó ń fà á. Àwọn ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò.

Ìkíní ni omi tí ó tẹ̀ lé bàbà jáde láti inú ìkòkò. Bí bàbà bá jáde ní tútù fún omi, omi ara rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ, ooru tí yóò sì fi gbẹ, ara bàbà ni yóò ti mú un. Gíráàmù kan péré nínú omi náà, kí ó tó di oruku, ń fẹ́ nǹkan bí júùlù 2,280. Ẹ fi àyè ooru bàbà, èyí tí í ṣe 385, pín in; ẹ ó rí i pé gíráàmù omi kan lè fi nǹkan bí dígírì 6 mú bàbà tutù kí ó tó kan alumíníọ̀mù rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa kọ 90 sínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni bàbà ti di 84. Ìwọ̀n ìgbóná ìpàdé yóò sì fi dígírì 2.7 dín sí ti ìṣirò. Oògùn rẹ̀ kò le. Kí a fi aṣọ gbígbẹ nu bàbà kíákíá, kí a sì ka ìwọ̀n ìgbóná bàbà fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá tí a gbé e lé alumíníọ̀mù. Kí a má ṣe lo ìwọ̀n ìgbóná omi tí ó ti jáde wá.

Ìkejì ni ojú tí mẹ́táàlì méjèèjì fi kan ara wọn. Bí a ti wò ó, ó dà bí ẹni pé wọ́n lẹ̀ mọ́ra pátápátá. Ṣùgbọ́n ojú mẹ́táàlì tí a rò pé ó tẹ́jú kún fún òkè àti kòtò wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí. Orí àwọn òkè wẹ́wẹ́ nìkan ni wọ́n ti fara kan ara wọn. Afẹ́fẹ́ ni ó kún àárín yòókù, afẹ́fẹ́ kì í sì í jẹ́ kí ooru tètè kọjá. Ibí yìí ni ó yẹ kí a ti ṣọ́ra kí a má baà da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Ojú tí kò kanra dáadáa kò yí ibi ìpàdé padà. Páìpù tóóró kò yí ibi tí gíga omi àgbá méjì yóò ti dọ́gba. Àkókò ni ó ń yí padà. Bí ojú méjèèjì bá dán, tí a sì fi òróró díẹ̀ pa á, ìdọ́gba lè wáyé láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí ìkanra náà bá burú ní ìlọ́po mẹ́wàá, yóò gba ìdajì wákàtí. Pípẹ́ yìí gan-an ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún ohun kẹta.

Ìkẹta ni afẹ́fẹ́ àyíká. Ní gbogbo ìgbà tí bàbà ń fún alumíníọ̀mù ní ooru, àwọn méjèèjì ń fún inú yàrá ní tirẹ̀. Àgbá wa ń jò. Fún búlọ́ọ̀kù méjì tí ó tóbi tó báyìí, tí wọ́n wà ní nǹkan bí dígírì 28 lókè ìwọ̀n ìgbóná yàrá, ohun tí ń jò lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó júùlù 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn jẹ́ 480. Àyè ooru àwọn méjèèjì lápapọ̀ jẹ́ 835. Nítorí náà, díẹ̀ lé ní ìdajì dígírì ni ó ń lọ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí ìdọ́gba bá gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, dígírì kan àti ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti sá lọ kí a tó kà á. Bí ó bá gba ìdajì wákàtí, ohun tí a ó bá lórí tẹmọ́mítà kò ní fi bẹ́ẹ̀ jọ ìdáhùn mọ́.

Ọ̀nà láti dín jíjò náà kù ni kí a fi òwú tàbí fọ́ọ̀mù wé búlọ́ọ̀kù méjèèjì, kí a sì gbé wọn lé orí pákó, kí ó má jẹ́ orí sìmẹ́ǹtì tàbí irin. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé tí a lè fi wé wọn tí jíjò yóò fi tán pátápátá. Nítorí náà, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ní ọgbọ́n mìíràn. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni ó yẹ kí a wò níhìn-ín náà. A kò ní dá kíkà dúró nígbà tí tẹmọ́mítà méjèèjì bá dọ́gba. A ó máa kà á lọ fún ìṣẹ́jú mélòó kan sí i. Ká ní wọ́n dọ́gba ní ìṣẹ́jú kẹta ní dígírì 54.9. Ní ìṣẹ́jú kẹrin, ó di 54.4, ní ìkarùn-ún, 53.9, ní ìkẹfà, 53.4. A ti rí bí àgbá ṣe ń jò: ìdajì dígírì ní ìṣẹ́jú kan. A ó wá fa ìlà náà padà sẹ́yìn dé ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ́kọ́ kanra. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ní ìlọ́po ìdajì dígírì jẹ́ dígírì kan àti ààbọ̀. Bí a bá ro ó pọ̀ mọ́ 54.9, a ó rí 56.4. Ìyàtọ̀ tí ó kù láàárín rẹ̀ àti 56.6 kò ju ìdá méjì nínú mẹ́wàá dígírì kan lọ.

Kíkà tí a ń kà lọ yìí ni ó tún ń jẹ́ kí a mọ irú àṣìṣe tí ó ṣẹlẹ̀. Bí tẹmọ́mítà méjèèjì bá ń fi ìyàtọ̀ hàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ojú ìkanra ni kí a lọ yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá tètè dọ́gba, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń yára lọ sílẹ̀ pọ̀, jíjò ni. Bí wọ́n bá tètè dọ́gba, tí wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, síbẹ̀ tí ìlà tí a fà sẹ́yìn kò dé ibi tí ìṣirò wí, a jẹ́ pé 90 tí a kọ sínú ìwé kì í ṣe 90 ní òtítọ́. Kí a lọ bi aṣọ inùlé léèrè ibi tí ó wà nígbà tí bàbà ń jáde láti inú omi.

Ó ku ohun kan tí kò yẹ kí a fò dá. Gbogbo ìṣirò yìí dúró lórí pé fífẹ̀ àgbá kan náà ni láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ìyẹn ni pé àyè ooru kì í yí padà bí ìwọ̀n ìgbóná ti ń yí padà. Láàárín 28 àti 90, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀; ìyípadà tí ó wà níbẹ̀ kò ju ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi náítírójìn olómi mú búlọ́ọ̀kù kan tutù dé dígírì 196 nísàlẹ̀ òdo, ọ̀rọ̀ yí padà. Níbẹ̀, gíráàmù kan bàbà kò fẹ́ ju nǹkan bí ìdajì ohun tí ó ń fẹ́ nínú yàrá lọ, alumíníọ̀mù kò sì fẹ́ tó ìdajì tirẹ̀. Ó dà bí àgbá tí ìdí rẹ̀ tóóró bí ti àrọ. Òfin Dulong àti Petit kò dúró ní irú ibẹ̀, Einstein sì ni ó kọ́kọ́ ṣe àlàyé ìdí rẹ̀ ní ọdún 1907. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣírò fún irú búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ pín ìrìn-àjò náà sí wẹ́wẹ́, kí ó sì lo àyè ooru tí ó bá ìpín kọ̀ọ̀kan mu. Bákan náà, bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́táàlì bá lè yọ́ kí wọ́n tó pàdé, bí òjé tí í yọ́ ní dígírì 327, ooru tí ó fi ń yọ́ gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò, nítorí pé nígbà tí mẹ́táàlì bá ń yọ́, ó ń gba ooru, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ kì í lọ sókè.

Òfin ìpìlẹ̀ náà kò yí padà nínú gbogbo rẹ̀: ohun tí ọ̀kan pàdánù ni èkejì àti àyíká jèrè. Ìbéèrè tí a lè fi sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n gbé relé ni èyí. Kí a mú búlọ́ọ̀kù òjé gíráàmù 1000 dípò bàbà, kí ó wà ní dígírì 90 bákan náà, kí a sì gbé e lé alumíníọ̀mù gíráàmù 500 wa tí ó wà ní 28. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan gègé, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ bóyá ìpàdé yóò ju dígírì 56.6 lọ tàbí kò ní tó o, àti ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti mọ èyí tí í ṣe àgbá tẹ́ẹ́rẹ́ nínú méjèèjì yóò sọ pé ìsàlẹ̀ ni. Nígbà tí ó bá wá ṣírò rẹ̀, tí ó bá dígírì 42 tàbí díẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ pàdé, yóò mọ̀ pé òun kò ṣìnà.